Àbọ̀ Ìnáwó Kíláòdù Ojoojúmọ́ àti Ìkìlọ̀ Ìṣúná

Àbọ̀ ìnáwó kíláòdù ni ìròyìn kúkúrú tí ètò kọ̀ǹpútà máa ń kọ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ó ń sọ iye tí wọ́n ná lánàá lórí àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n háyà láti ọ̀nà jíjìn, àti ohun tí wọ́n ná an lé lórí. Ìkìlọ̀ ìṣúná ni èkejì rẹ̀. Ìyẹn ni ímeèlì tó ń jáde nígbà tí ìnáwó oṣù bá dé ìwọ̀n kan nínú iye tí ẹgbẹ́ náà pinnu láti ná. Ìkìlọ̀ ń sọ pé owó ti dé ibì kan; àbọ̀ ń fi ọ̀nà tó gbà débẹ̀ hàn. Bí owó bá ń jò, àbọ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i.

Àpẹẹrẹ tí àyọkà yìí ń tẹ̀ lé ni ti ẹgbẹ́ ẹni mẹ́rin kan ní Onitsha, ní Ìpínlẹ̀ Anámbra, tó ṣe áàpù kan fún àwọn alátàpọ̀ Ọjà Ńlá láti máa fi kọ ọjà tó wọlé àti gbèsè oníbàárà sílẹ̀. A gbé ẹgbẹ́ náà kalẹ̀ fún àlàyé ni. Ẹ̀rọ wọn wà lọ́dọ̀ AWS, ní àgbègbè `us-east-1` ní Amẹ́ríkà, ìṣúná wọn sì jẹ́ 150 dọ́là lóṣù.

## Ìdí tí a fi ń ṣírò lójoojúmọ́

Ní Onitsha, ọmọọṣẹ́ tó ń kọ́ òwò lọ́dọ̀ ọ̀gá kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kó tó jíhìn ohun tó tà. Bíìlì kíláòdù kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2006, tí Amazon ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ibi ìpamọ́ dátà àti sáfà háyà fún aráyé, ìlànà náà ni pé kí o kọ́kọ́ lò, kí o tó san. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń yọ owó. Àṣìṣe tó bá ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà lè máa jẹ owó fún ọjọ́ márùndínlọ́gbọ̀n kí ẹnikẹ́ni tó rí ìwé owó.

Ọ̀rọ̀ dọ́là ni ìdí kejì. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 2023, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà da gbogbo ojú pàṣípààrọ̀ owó pọ̀ sí ọ̀kan. Dọ́là kan, tí kò tó 480 náírà ní ọjà ìjọba tẹ́lẹ̀, ti kọjá 1,500 náírà láàárín oṣù kejì 2024. Bíìlì 150 dọ́là tó ń gba nǹkan bí 71,000 náírà wá di 225,000 náírà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi sáfà kan kún un. Nítorí náà, dọ́là ni kí àbọ̀ ojoojúmọ́ fi ṣírò, kí ó sì kọ náírà sí ìlà tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ń fi náírà nìkan wo ìnáwó kò ní mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ló ń jẹun jù tàbí owó ilẹ̀ wa ló já wálẹ̀.

Káàdì tí a fi ń sanwó pẹ̀lú ní ààlà tirẹ̀. Ní 2022, àwọn báǹkì kan dín iye tí ènìyàn lè fi káàdì náírà ná lórí ọjà òkè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì lọ gba káàdì dọ́là tí wọ́n ń fi owó sínú rẹ̀ ṣáájú. Bí bíìlì bá ju owó inú káàdì lọ, sísan yóò kùnà, àti pé bí gbèsè náà bá pẹ́, wọ́n lè ti àkáǹtì pa.

## Bí a ṣe ń tò ó

Ìkìlọ̀ ló rọrùn jù. Nínú AWS Budgets, ẹgbẹ́ náà kọ 150 dọ́là sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣúná oṣù, wọ́n sì ní kí ímeèlì jáde nígbà tí ìnáwó bá dé ìdá 50, 80 àti 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n tún fi ọ̀kan kún un fún àsọtẹ́lẹ̀, ìyẹn ìgbà tí ẹ̀rọ bá rí i pé bí nǹkan ṣe ń lọ, oṣù náà yóò kọjá ìṣúná. Àsọtẹ́lẹ̀ yìí nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún ìnáwó kí ó tó lè ṣiṣẹ́, nítorí náà àkáǹtì tuntun kò lè gbára lé e.

Fún àbọ̀, wọ́n kọ ètò kékeré kan tó ń jí lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, tó ń béèrè ìnáwó àná lọ́wọ́ AWS, tó sì ń fi èsì sínú ẹgbẹ́ Telegram wọn. Ìbéèrè náà nìyí:

```
aws ce get-cost-and-usage \
  --time-period Start=2025-03-06,End=2025-03-07 \
  --granularity DAILY --metrics UnblendedCost \
  --group-by Type=DIMENSION,Key=SERVICE \
  --filter '{"Not":{"Dimensions":{"Key":"RECORD_TYPE",
    "Values":["Credit","Refund"]}}}'
```

Ọjọ́ tí a kọ sí `End` kò sí lára ìṣírò. Ọjọ́ kẹfà nìkan ni ìbéèrè yìí kà. Sẹ́ńtì kan ni AWS ń gbà lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, nítorí náà, bí ìbéèrè bá jẹ́ ẹyọ kan lójúmọ́, àbọ̀ oṣù kan kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ́ńtì lọ.

Ìlà `--filter` ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Àwọn ilé-iṣẹ́ àṣẹ̀ṣẹ̀dásílẹ̀ sábà máa ń gba owó ẹ̀bùn lọ́dọ̀ oníkíláòdù, tí wọ́n ń yọ kúrò lára bíìlì. Bí a kò bá yọ ẹ̀bùn náà kúrò nínú ìṣírò, àbọ̀ yóò máa kọ òdo lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí ẹ̀bùn bá tán ni bíìlì gidi yóò já lù wọ́n. Irú àtúnṣe kan náà ni kí wọ́n ṣe sí AWS Budgets, torí pé ó ń ka ẹ̀bùn mọ́ ìṣírò bí a kò bá sọ fún un pé kó má kà á.

Ó yẹ kí a mú wákàtí tí àbọ̀ yóò jáde pẹ̀lú ìṣọ́ra. Agogo Gíríníìsì ni AWS ń lò, nítorí náà aago kan òru ni ọjọ́ kan ń parí ní Nàìjíríà. Ìnáwó kì í sì í wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, nígbà mìíràn odidi ọjọ́ kan. Ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ fi àbọ̀ sí aago méje àárọ̀, iye tó ń jáde sì máa ń kéré ju òtítọ́ lọ. Wọ́n sún un sí aago kan ọ̀sán, wọ́n sì jẹ́ kí ètò náà tún ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú béèrè lójoojúmọ́, kí iye tó bá yí padà lè hàn.

## Ohun tí a ń fi wé

Iye kan ṣoṣo kò sọ nǹkan fún ẹni tó ń kà á. Àfi kó ní ohun tí a fi wé e. Ọ̀pọ̀ ètò ń fi ìpíndọ́gba ọjọ́ méje ṣe é, ṣùgbọ́n èyí kò bá Onitsha mu. Ọjọ́ Àìkú ni ọjà ń sinmi. Lẹ́yìn tí àṣẹ jókòó-sílé bẹ̀rẹ̀ ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ 2021, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ni kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé pẹ̀lú ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Bí a bá fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun wé ìpíndọ́gba tí irú ọjọ́ méjì bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀, yóò dà bíi pé ìnáwó fò sókè ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Nítorí náà, wọ́n ń fi Ìṣẹ́gun wé Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ wé Ọjọ́bọ̀. Àmì ewu sì ń jáde kìkì bí iye iṣẹ́ kan bá ju ìlọ́po kan àbọ̀ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí àlékún náà sì tó dọ́là mẹ́ta. Ohun tó gòkè láti sẹ́ńtì méjì sí mẹ́fà ti di ìlọ́po mẹ́ta lóòótọ́, àmọ́ kò yẹ kó gba oorun lójú ẹnikẹ́ni.

## Àpẹẹrẹ: ọ̀sán ọjọ́ keje oṣù kẹta

Ìnáwó ẹgbẹ́ yìí ń lọ ní nǹkan bí 4.80 dọ́là lójúmọ́. Ní òru mọ́jú Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹta 2025, ọ̀kan nínú wọn ń wá ìdí tí rìsíìtì kan kò fi wọlé. Ó yí `LOG_LEVEL` sí `debug`, ó rí ìṣòro náà, ó tún un ṣe, ó sì lọ sùn láìyí i padà. Láti ìgbà náà ni áàpù ń kọ gbogbo ohun tó bá wọlé sínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, títí kan àwòrán rìsíìtì lódindi. Ó tó 30 jígábáìtì lójúmọ́, 0.50 dọ́là sì ni AWS ń gbà lórí jígábáìtì kan ní `us-east-1`. Ní aago kan ọ̀sán ọjọ́ kejì, àbọ̀ yìí jáde:

```
Ìnáwó Ọjọ́bọ̀ 06/03:  $19.80
Ọjọ́bọ̀ tó kọjá:       $4.80
EC2          $2.10   ($2.10)
RDS          $1.70   ($1.70)
CloudWatch  $15.20   ($0.20)  <-- EWU
Ìyókù        $0.80   ($0.80)
Oṣù yìí: $43.80 nínú $150
```

Ẹni tó kà á kò nílò láti wádìí jìnnà. Sáfà kò yí padà, àká dátà kò yí padà. Àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ nìkan ló fò. Nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ fi lù, wọ́n ti dá `LOG_LEVEL` padà sí `info`. Àdánù náà jẹ́ nǹkan bí dọ́là márùndínlọ́gbọ̀n. Bí a bá ka dọ́là kan sí 1,500 náírà, ó jẹ́ 37,500 náírà.

Ká ní ìkìlọ̀ nìkan ni wọ́n ní, ímeèlì ìdá 50 yóò dé ní nǹkan bí ọjọ́ kẹjọ tàbí kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n irú ímeèlì yẹn ń dé lóṣooṣù ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrìndínlógún, ojú ti mọ́ ọn. Ọjọ́ tó dé ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ìdá tó kọ sórí. Ìdá 80 kò ní dé títí ọjọ́ kẹwàá yóò fi ń parí lọ, àdánù ti tó 75 dọ́là nígbà náà. Bí ó bá sì jẹ́ bíìlì òpin oṣù ni wọ́n ń dúró dè, àdánù yóò jẹ́ 390 dọ́là, ìyẹn 585,000 náírà.

## Ibi tí agbára wọn mọ

Ìkìlọ̀ ìṣúná kì í dá owó dúró. Ní AWS, ní Google Cloud àti ní Azure, iye tí a kọ sí ìṣúná kì í ṣe ògiri. Ìnáwó lè kọjá rẹ̀ kó sì máa lọ. AWS lè dá sáfà kan dúró fúnra rẹ̀ bí a bá tò ó bẹ́ẹ̀. Ní Google Cloud, a lè kọ ètò tí yóò yọ ìsanwó kúrò lára iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ìyẹn yóò dá gbogbo iṣẹ́ dúró, àwọn dátà kan sì lè sọnù pátápátá. Ibi ìdánwò nìkan ni irú rẹ̀ yẹ, kì í ṣe ibi tí ìwé gbèsè oníbàárà wà.

AWS Budgets pàápàá ń pẹ́: nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá ló wà láàárín ìgbà kan tó ń ṣe ìṣírò sí ìkejì. Àṣìṣe tó lè jẹ ìṣúná oṣù kan tán láàárín wákàtí díẹ̀ yóò ti jẹ ẹ́ kí ìkìlọ̀ tó jáde.

Ewu tó kẹ́yìn wà lára àbọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ àṣírí tó fi ń wọlé bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, ètò náà yóò dákẹ́, ẹgbẹ́ yóò sì rò pé àlàáfíà ni. Nítorí náà, kí àbọ̀ máa jáde lójoojúmọ́, ì báà ṣe ọjọ́ tí ohunkóhun kò yí padà. Bí aago méjì ọ̀sán bá lù tí kò sí àbọ̀, kí wọ́n kà á sí pé ó ti bàjẹ́. Kí wọ́n sì yan ẹnì kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí yóò máa kà á lójoojúmọ́, kí orúkọ rẹ̀ wà ní ìlà tó gbẹ̀yìn. Ohun tí a bá fi fún gbogbo ènìyàn ṣọ́, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.