Z, + àti - lẹ́yìn àkókò

Lẹ́tà Z tó máa ń parí àkókò lórí rísíìtì orí fóònù dúró fún òdo: aago àgbáyé tí wọ́n ń pè ní UTC, láìfi wákàtí kankan kún un, láìyọ kankan. Aago Gánà bá a dọ́gba. Nítorí náà, bí oníṣòwò kan ní Aboabo, ní Kumasi, bá rí:

```
2024-03-15T23:30:00Z
```

aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́, ọjọ́ 15 oṣù kẹta, ni lọ́dọ̀ tirẹ̀. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú. Lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ n'Íbàdàn, ó ti di aago méjìlá ààbọ̀ òru, ọjọ́ 16. Báyìí ni a ṣe lè kọ àkókò kan náà níbẹ̀:

```
2024-03-16T00:30:00+01:00
```

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á tún fi wákàtí kan kún 00:30. Aago tó ṣáájú àmì náà ti jẹ́ ti Ìbàdàn tẹ́lẹ̀. Ẹ yọ iye tó tẹ̀lé + kúrò, ẹ ó dé Z. Bó bá jẹ́ - ni, ẹ fi iye náà kún un. Bí kò bá sí Z tàbí àmì kankan, ẹ bi ẹni tó fi í ránṣẹ́ pé aago ìlú wo ló lò.