Nígbà Tí A Bá Fi Ìpín Ra Ilé-iṣẹ́: Ìbísí àti Àbùlà Èrè Orí Ìpín

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, báńkì Access kéde pé òun fẹ́ ra báńkì Diamond. Ẹni tó bá ní ìpín méje ní Diamond yóò gba ìpín tuntun méjì ní Access, yóò sì gba náírà kan lówó lórí ìpín kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀ sí ₦3.13 fún ìpín kan, bẹ́ẹ̀ ₦0.87 ni wọ́n ń tà á lọ́jà ní ọjọ́ 13 oṣù náà. Onípìn-ín Diamond mọ ohun tí yóò bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ onípìn-ín Access ni ìbéèrè wà: ìpín tuntun bíi bílíọ̀nù 6.6 fẹ́ wọlé wá bá tirẹ̀ pín èrè. Ṣé èrè tí Diamond ń mú bọ̀ yóò tó wọn jẹ?

Bí èrè tuntun náà bá ju ohun tí ìpín tuntun yóò jẹ lọ, èrè orí ìpín kọ̀ọ̀kan bí sí i. Bí kò bá tó o, ó di àbùlà. Kí ìṣirò náà lè hàn kedere, ẹ jẹ́ ká fi apá tí wọ́n san lówó sílẹ̀, ká mú ilé-iṣẹ́ méjì tí a dá sílẹ̀ fún àpẹẹrẹ, A àti B, níbi tí A ti fẹ́ fi ìpín nìkan ra B.

A ń jẹ èrè ₦40 bílíọ̀nù lọ́dún lẹ́yìn owó orí. Ìpín rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 10, èrè orí ìpín kan sì jẹ́ ₦4. ₦48 ni wọ́n ń ta ìpín náà lọ́jà, ìyẹn ni pé ọjà ń san ìlọ́po 12 èrè rẹ̀. B ń jẹ ₦9 bílíọ̀nù lórí ìpín bílíọ̀nù 3, èrè orí ìpín kan jẹ́ ₦3, iye rẹ̀ lọ́jà sì jẹ́ ₦24, ìlọ́po 8. Àwọn onípìn-ín B kò ní gbà ní iye ọjà, nítorí náà A fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, ó dá ₦30 lé ìpín kan.

Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á fi ìlọ́po 12 ti A wé ìlọ́po 8 tí B ní lọ́jà. Ṣùgbọ́n A kò ra B ní iye ọjà. ₦30 lórí èrè ₦3 jẹ́ ìlọ́po 10, òun gan-an ni ká fi wé 12. Níwọ̀n ìgbà tí ìlọ́po tí A san bá ṣì kéré sí èyí tí ọjà ń san fún A fúnra rẹ̀, èrè orí ìpín yóò bí sí i. Kò sí àrà kan nínú rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti mọ iye ìpín tuntun, a ó pín ₦30 sí ₦48, ó jẹ́ 0.625, ìyẹn ìpín A márùn-ún fún ìpín B mẹ́jọ. Nítorí bílíọ̀nù 3 ìpín B, A yóò tẹ ìpín tuntun bílíọ̀nù 1.875 jáde, gbogbo ìpín yóò sì di bílíọ̀nù 11.875. Àpapọ̀ èrè jẹ́ ₦49 bílíọ̀nù:

49 ÷ 11.875 = 4.13

₦4 ti di ₦4.13, ó fi bí ìdá 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún bí sí i. Ibí yìí ni ìkéde ilé-iṣẹ́ sábà máa ń dúró sí, kò sì yẹ kí olùkàwé bá a dúró níbẹ̀.

Ìlànà ìṣirò owó IFRS 3, tí ó kan àwọn ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà pẹ̀lú láti ọdún 2012 tí a ti gba àwọn ìlànà IFRS wọlé, sọ pé kí olùrà díye lé àwọn ohun-ìní B tí kò ṣeé fojú rí, irú bí orúkọ ọjà àti àwọn oníbàárà tó ti ń bá a ṣòwò tipẹ́. Ká sọ pé àwọn wọ̀nyí tó ₦20 bílíọ̀nù, tí wọn yóò wúlò fún ọdún mẹ́jọ. A ó máa yọ ₦2.5 bílíọ̀nù kúrò nínú èrè lọ́dọọdún. Bí owó orí bá jẹ́ ìdá 30, ohun tí èrè yóò fi dín kù gan-an jẹ́ ₦1.75 bílíọ̀nù. Gúdíwìlì tó bá ṣẹ́ kù kò sí nínú èyí, nítorí a kì í yọ òun díẹ̀díẹ̀. Àyẹ̀wò ni a ń ṣe bóyá iye rẹ̀ ti já wálẹ̀. Àpapọ̀ èrè wá di ₦47.25 bílíọ̀nù:

47.25 ÷ 11.875 = 3.98

Ìbísí ti di àbùlà. Kí ₦4 tó lè pé padà, èrè gbọ́dọ̀ tó ₦47.5 bílíọ̀nù, ó ku ₦250 mílíọ̀nù. Ṣáájú owó orí, èyí jẹ́ nǹkan bí ₦357 mílíọ̀nù tí ìdàpọ̀ gbọ́dọ̀ mú wá lọ́dún, bóyá nípa títi ẹ̀ka tó jọra pa tàbí kíkó ọjà pọ̀ rà. Bí kò bá sí irú rẹ̀, iye tó ga jù tí A lè san láìbu omi la èrè rẹ̀ ni ₦29: èrè B tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyọkúrò jẹ́ bíi ₦2.42 lórí ìpín kan, ìlọ́po 12 rẹ̀ sì ni ₦29.

Ọjà pẹ̀lú kì í dúró. Bí ìròyìn ìrajà náà bá já ìpín A wálẹ̀ láti ₦48 sí ₦42, tí àdéhùn sì sọ pé B gbọ́dọ̀ gba ohun tó tó ₦30, ìpín tuntun yóò di bílíọ̀nù 2.143, èrè orí ìpín yóò sì bọ́ sí ₦3.89. Bó bá jẹ́ márùn-ún fún mẹ́jọ ni wọ́n so mọ́lẹ̀, iye ìpín kò ní yí padà, B ni yóò fara gba ìjáwálẹ̀ náà. Gbólóhùn kan nínú àdéhùn ló ń yan ẹni tí yóò ru àdánù yìí, ó sì yẹ kí onípìn-ín wá a rí kó tó dìbò.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé ìbísí yìí lè wáyé, kí olùrà ṣì pàdánù. Ẹ padà sí ₦4.13 ti ìṣáájú. Ṣáájú ìdàpọ̀, ọjà díye lé A ní ₦480 bílíọ̀nù, ó díye lé B ní ₦72 bílíọ̀nù, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦552 bílíọ̀nù. Bí ìdàpọ̀ kò bá mú nǹkan tuntun kan jáde, ₦552 bílíọ̀nù náà ni a ó pín sí ìpín bílíọ̀nù 11.875, yóò sì jẹ́ ₦46.48. Onípìn-ín A pàdánù ₦1.52 lórí ìpín kan lójú ìbísí èrè, owó náà sì kọjá sọ́dọ̀ àwọn onípìn-ín B. Ìlọ́po tí ọjà ń san ló sọ̀ kalẹ̀, láti 12 sí bíi 11.3, torí èrè B tí ọjà kò kà sí tó ti A ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ìyọkúrò ọdọọdún tó sọ ₦4.13 di ₦3.98 kò sì fi kọ́bọ̀ kan kún àdánù yìí, nítorí kì í ṣe owó tó jáde lápò.

Kí ìpín A tó lè dúró ní ₦48, iye àpapọ̀ gbọ́dọ̀ tó ₦570 bílíọ̀nù. ₦18 bílíọ̀nù tó ku yìí gan-an ni àlékún tí A fi lé iye B. Ní ìlọ́po 12, ó ń fẹ́ èrè tuntun ₦1.5 bílíọ̀nù lọ́dún lẹ́yìn owó orí, ìyẹn bíi ₦2.14 bílíọ̀nù ṣáájú rẹ̀. ₦357 mílíọ̀nù ló tó láti mú kí èrè orí ìpín dà bí èyí tí nǹkan kan kò ṣe. Ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀ ni ìdàpọ̀ gbọ́dọ̀ mú wá kí apá àwọn tó ti ní A tẹ́lẹ̀ má bàa dín kù.