Bí Iléeṣẹ́ Adójútòfò Bá Béèrè Ìwé Ìdánimọ̀ Yín Lórí Ímeèlì

Òfin méjì ló sábà máa ń wà nídìí irú ímeèlì bẹ́ẹ̀. Òfin àjọ NIMC ti ọdún 2007 sọ pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN pọn dandan fún ẹni tó bá fẹ́ ra ìnṣọ́ránsì. Òfin ọdún 2022 tó lòdì sí fífi owó ìwà ọ̀daràn pamọ́ sínú òwò tó bófin mu sì ní kí iléeṣẹ́ adójútòfò mọ oníbàárà rẹ̀ dájú.

Ẹ jẹ́ kí á fi olùgbé Anthony kan, ní Kòsọ́fẹ́, ṣe àpẹẹrẹ. Ó ra ìnṣọ́ránsì ọkọ̀, irú èyí tí ń san òfò tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ṣe fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni ímeèlì dé, tó béèrè NIN, àwòrán ojú rẹ̀ àti ìwé owó iná. NIN ń fi hàn pé ẹni gidi ló ni orúkọ náà, àwòrán ń jẹ́rìí pé òun gan-an ni, ìwé owó iná sì ń sọ ibi tó ń gbé. Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n bí ímeèlì náà bá tún béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì ATM, tàbí kóòdù tí báǹkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù, oníjìbìtì ló kọ ọ́.

Kí ẹ tó fèsì, ẹ wo àdírẹ́sì ẹni tó fi í ránṣẹ́ dáadáa, nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo ni oníjìbìtì lè yí padà. Ẹ má tẹ ìlujá inú rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù tó wà lórí ìwé ìnṣọ́ránsì yín ni kí ẹ pè, kí ẹ béèrè bóyá àwọn ni wọ́n kọ ọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti ohun tí ẹ fẹ́ lò ó fún sára ẹ̀dà ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹlòmíràn má baà rí i lò fún nǹkan mìíràn.

Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 sọ pé kí iléeṣẹ́ tó gba ìwé yín, ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, àwọn tó máa fi hàn, àti bí yóò ti pẹ́ tó lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ímeèlì náà kò bá sọ ọ́, ẹ béèrè kí ẹ tó fi ohunkóhun ránṣẹ́. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti rí ohun tí wọ́n kọ nípa yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe. Ẹ lè ní kí wọ́n pa á rẹ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yìí ní ààlà: òfin ọdún 2022 ní kí wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ oníbàárà fún ó kéré tán ọdún 5 lẹ́yìn tí àjọṣe bá parí.

Bí dátà náà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí ó sì lè pa ẹni tó ni ín lára, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún àjọ NDPC láàárín wákàtí 72 tí ó bá ti mọ̀. Bí ewu náà bá pọ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ̀yin náà láìjáfara. Àjọ NDPC yìí kan náà ni ẹ lè fi ẹjọ́ sùn bí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ yín lójú.