Wọ́n yọ owó sọ́bù yín lẹ́ẹ̀mejì lóṣù kan? Ẹ wo ọjọ́ àti aago kí ẹ tó bínú

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti jẹ owó mi o!" Bí àbúrò mi obìnrin tó ń gbé n'Ìbàdàn ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn nígbà tó pè mí lálẹ́ ọjọ́ Ajé kan. Owó sọ́bù fíìmù tó máa ń san lóṣooṣù, ₦3,500, ni aláàtì rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti fẹ́ lọ máa bú ilé iṣẹ́ náà lórí ìntánẹ́ẹ̀tì. Mo ní kó rọra ná, kó kọ́kọ́ ka aago tó wà lára aláàtì méjèèjì fún mi.

Ìdí tí mo fi béèrè aago ni pé àlàfo tó wà láàárín owó méjèèjì ló máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá yọ owó lọ́jọ́ kìíní oṣù Keje, tí wọ́n tún yọ ọ́ lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Keje kan náà, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Sọ́bù ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ṣe, kì í ṣe ti oṣù kan gbáko, ó kàn bọ́ sínú oṣù kan náà lẹ́ẹ̀mejì ni. Ẹ má da ara yín láàmú, kò sí báǹkì tó máa dá ìyẹn padà.

Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ mélòó kan ló wà láàárín wọn, bíi ọjọ́ kẹta àti ọjọ́ kọkàndínlógún, ẹ fura pé àkáǹtì méjì lẹ ní. Ó wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ kọ́kọ́ ṣe sọ́bù látinú áàpù orí fóònù, nígbà tó yá ẹ tún ṣe òmíràn lórí wẹ́ẹ̀bù pẹ̀lú ímeèlì mìíràn, ẹ sì gbàgbé àkọ́kọ́. Ẹ wo orúkọ tó wà lára owó náà nínú ìwé àkáǹtì yín. Bí ẹ bá rí GOOGLE tàbí APPLE.COM/BILL, ẹnu ọ̀nà fóònù ni owó yẹn gbà jáde, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ fíìmù tààrà. Lórí Android, ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán ara yín lókè, kí ẹ wọ Payments & subscriptions. Lórí iPhone, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ orúkọ yín, lẹ́yìn náà Subscriptions. Ibẹ̀ lẹ máa ti rí èyí tó ṣì ń jẹ owó, ibẹ̀ náà lẹ sì máa ti dá a dúró. Pípa áàpù rẹ́ kúrò lórí fóònù kì í dá sọ́bù dúró o, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti tipa bẹ́ẹ̀ sanwó fún nǹkan tí wọn ò lò mọ́.

Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, ẹ̀bẹ̀ ni gbígba owó padà, torí pé ẹ̀yin gan-an lẹ ní kí wọ́n yọ méjèèjì. Ti Apple, ẹ wọ reportaproblem.apple.com. Ti Google, bí wákàtí 48 ò bá tíì kọjá, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ Google fúnra rẹ̀. Bó bá ti kọjá, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni áàpù ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Ti àbúrò mi ò jọ ìkankan nínú méjèèjì. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 14 ni ti àkọ́kọ́, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 17 sì ni ìkejì. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège, pé lẹ́yìn tóun tẹ OTP, ojú ìwé náà yí títí, ó wá kọ pé "Transaction failed". Lóun bá tún san án. Ẹ ò rí i? Báǹkì ti yọ owó, àmọ́ ìdáhùn ò tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tajà.

Mo ní kó má tíì pariwo, kó wo balance rẹ̀ méjèèjì nínú áàpù báǹkì. Bí Available balance bá kéré sí Ledger balance, ó lè jẹ́ pé báǹkì kàn di owó náà mú ni, kò tíì jáde tán. Irú èyí sábà máa ń padà fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, owó méjèèjì ti wọ inú ìwé àkáǹtì rẹ̀, kò sì sí èyí tó padà. Ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé owó ti jáde lẹ́ẹ̀mejì lóòótọ́.

Ó wá lọ gba RRN àwọn méjèèjì. Nọ́ḿbà oní-dígíìtì 12 ni, ìsanwó káàdì kọ̀ọ̀kan ló sì ní tiẹ̀. Bí aláàtì méjì bá gbé RRN kan náà, ẹ ṣírò balance yín dáadáa, ó lè jẹ́ aláàtì ló wọlé lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe owó ló jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ti àbúrò mi yàtọ̀ síra wọn.

Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ fíìmù ló kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kì í ṣe báǹkì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wọ́n: mélòó lẹ rí gbà? Bí wọ́n bá ní méjì, àwọn ló máa dá ọ̀kan padà. Wọ́n dáhùn pé ọ̀kan péré làwọn rí, ti aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 17. Ímeèlì yẹn ló yanjú ọ̀rọ̀ náà, torí pé owó tí ẹni tó ń tajà ò rí, ọ̀dọ̀ báǹkì la ti ń béèrè rẹ̀.

Báǹkì kọ́kọ́ sọ fún un pé "transaction was successful". Ẹ má jẹ́ kí gbólóhùn yẹn lé yín lọ. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé owó ti kúrò lọ́dọ̀ wọn, kò sọ pé ó dé ibi tó ń lọ. Ó tún kọ̀wé, ó fi ọjọ́, aago, iye owó, dígíìtì mẹ́rin tó kẹ́yìn káàdì rẹ̀, RRN ti aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 14 àti ímeèlì ilé iṣẹ́ náà sí i, ó sì gba nọ́ḿbà ẹ̀sùn. Àṣẹ tí báǹkì àpapọ̀, CBN, gbé jáde tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà ọdún 2020 ní kí irú ẹ̀sùn ìsanwó orí wẹ́ẹ̀bù báyìí yanjú láàárín wákàtí 72. Ó mẹ́nu ba ìyẹn náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí báǹkì bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ fi gbogbo ìwé yẹn àti nọ́ḿbà ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí cpd@cbn.gov.ng.

Bí ilé iṣẹ́ bá ti ṣèlérí pé àwọn ń dá owó padà, ẹ má tún lọ fẹjọ́ sun báǹkì nítorí owó kan náà. Bó bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n máa gba ọ̀kan padà, wọ́n sì lè ti àkáǹtì yín pa. Bákan náà, ẹni tó bá sáré dá yín lóhùn lórí X pé òun ni kọsítọ́mà kíà, tó wá ń béèrè OTP tàbí PIN, olè ni. Kò sí ẹni tó nílò ìyẹn láti dá owó padà.

Lọ́jọ́ kejì tó fi ẹ̀sùn kejì sílẹ̀, ₦3,500 padà wọlé. Ó fi aláàtì náà ránṣẹ́ sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, àmọ́ wọn ò dá owó dátà tí mo fi kọ ímeèlì padà."