Àpótí Ṣáájú Máàkì: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Tún Àtẹ Inú Fọ́ọ̀mù Afọwọ́kọ Tò Lórí Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà

Ìfáàrà

Máàkì kan ṣoṣo tí olùkọ́ fà sínú rẹ́jísítà kíláàsì kò ní ìtumọ̀ fúnra rẹ̀. Àpótí tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó fún un ní ìtumọ̀. Ìtò ìbú ni ó ń sọ ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn, ìtò òòró ni ó sì ń sọ ọjọ́ àti àkókò tí ọmọ náà wá sí ilé-ìwé. Ojú ènìyàn máa ń rí máàkì àti àpótí lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà kì í ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ. Nígbà tí sikánà bá ya àwòrán ojú ìwé, dọ́ọ̀tì dúdú àti dọ́ọ̀tì funfun ni ó kù. Kò sí ìtò, kò sí àpótí, kò sì sí orúkọ ọmọ mọ́. A ní láti tún àtẹ náà tò kí a tó lè ka ohun tí a kọ sínú rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn àtúntò náà láti inú ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti ọdún 1950 títí dé ìgbà sikánà. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé ewu tí ó wà nínú kí a ṣi máàkì kà kò tó èyí tí ó wà nínú kí a gbé máàkì tí a kà dáadáa sínú àpótí tí kì í ṣe tirẹ̀. Àṣìṣe kejì yìí a máa wọ aṣọ òtítọ́.

Àwọn Opó Ọmọ Ọdún Mẹ́rìnlá

Ní ọdún 1962, Ansley Coale àti Frederick Stephan gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú jọ́nà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sítátísíìkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n ti ṣàkíyèsí ohun tí ó ṣàjèjì nínú èsì ìkànìyàn ọdún 1950. Iye àwọn ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ìwé sọ pé ìyàwó wọn ti kú pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Èyí tí ó tún yani lẹ́nu jù ni pé iye náà ń dínkù bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ sókè sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìndínlógún àti mẹ́tàdínlógún. Ó di ọmọ ọdún méjìlélógún kí iye àwọn opó ọkùnrin tó ju ti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Èyí tako ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nípa ìgbéyàwó àti ikú.

Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ní orí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn káàdì oníhò tí wọ́n fi ń ka èsì náà, wọ́n ti lu ihò sí ìtò òòró kan sí apá ọ̀tún ibi tí ó yẹ. Lórí káàdì yìí, ẹ̀yà ni ó ṣáájú, akọ tàbí abo tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni dígítì méjì ọjọ́ orí, kí ó tó kan ipò ìgbéyàwó. Ẹ jẹ́ kí a mú ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 43. Kóòdù ọkùnrin ni 1. Bí gbogbo nǹkan bá sún sí ọ̀tún ní ìtò kan, 1 yìí bọ́ sí ipò dígítì àkọ́kọ́ ọjọ́ orí, 4 sì bọ́ sí ipò dígítì kejì. Ọkùnrin náà di ọmọ ọdún 14. Dígítì 3 tí ó kù bọ́ sínú àpótí ipò ìgbéyàwó, níbi tí dígítì kan ti túmọ̀ sí opó, tí òmíràn sì túmọ̀ sí ẹni tí ó ti kọ aya sílẹ̀. Bákan náà ni ẹni àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ di ọmọ ọdún 15, tí ẹni ọgọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ di ọmọ ọdún 16. Nítorí pé àwọn àgbàlagbà kéré níye sí àwọn ẹni ogójì ọdún, àwọn "opó" náà ń dínkù bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ sókè.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí dígítì kankan tí a ṣì kà níhìn-ín. Àpótí nìkan ni ó yí padà. Àpapọ̀ iye àwọn ará ìlú kò sì yí padà rárá, nítorí pé káàdì kan ṣì dúró fún ènìyàn kan. Ìbáṣepọ̀ àárín ìtò kan àti èkejì ni ó tú àṣírí náà.

FOSDIC àti Àmì Atọ́ka

Nínú ìkànìyàn ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ ìkànìyàn Amẹ́ríkà lo ẹ̀rọ kan tí a ń pè ní FOSDIC, kí ó lè gba iṣẹ́ lílu káàdì kúrò lọ́wọ́ ènìyàn. Akànìyàn a fi pẹ́ńsù kun róbótó kékeré dúdú lórí fọ́ọ̀mù. Wọn a ya fọ́ọ̀mù náà sórí fíìmù kékeré, FOSDIC a sì fi ìtànṣán iná wá àwọn róbótó tí a kùn. Ẹ̀rọ yìí àti àwọn àtúnṣe rẹ̀ ni wọ́n ń lò títí di ìkànìyàn ọdún 1990.

Ohun tí ó kan iṣẹ́ yìí jù lọ lára FOSDIC ni àmì atọ́ka, ìyẹn àwọn igun mẹ́rin kékeré dúdú tí a tẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù. Ẹ̀rọ náà a kọ́kọ́ wá àwọn àmì wọ̀nyí, a sì fi ipò wọn ṣírò ibi tí róbótó kọ̀ọ̀kan wà. Bí fíìmù bá tẹ̀ díẹ̀ tàbí kí ó sún, àwọn àmì náà sún pẹ̀lú rẹ̀, ìṣirò náà sì ń tẹ̀ lé wọn. Àpótí ni wọ́n ń wá kí wọ́n tó ka máàkì.

Ìgbà Sikánà

Nígbà tí ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti ọdún 2000 dé, ẹ̀rọ ti ń ka ìkọ̀wé ọwọ́ inú àpótí tààrà láti inú àwòrán. Ní Nàìjíríà, ìkànìyàn oṣù kẹta ọdún 2006, tí ó fi iye ará ìlú hàn gẹ́gẹ́ bí 140,431,790, lo fọ́ọ̀mù tí ẹ̀rọ sikánà lè kà. Irú àwọn fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ni a ṣe nítorí ẹ̀rọ. Ìṣòro ńlá wà pẹ̀lú ìwé tí a kò tẹ̀ nítorí ẹ̀rọ, irú bí rẹ́jísítà, tí kò ní àmì atọ́ka kankan. Fún irú ìwé bẹ́ẹ̀, àwọn ìlà tí a fà sórí rẹ̀ fúnra wọn ni ó ní láti di atọ́ka.

Ọgbọ́n méjì ni ó ṣe pàtàkì níhìn-ín. Àkọ́kọ́ ni ti Nobuyuki Otsu ní ọdún 1979, tí ó fi hàn bí a ṣe lè lo àwòrán fúnra rẹ̀ láti yan ààlà tí ó ya dúdú tádàwà kúrò lára funfun ìwé. Èkejì ni èyí tí Paul Hough gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ọdún 1962, tí Richard Duda àti Peter Hart sì tún ṣe ní ọdún 1972. Nínú ọgbọ́n kejì yìí, dọ́ọ̀tì dúdú kọ̀ọ̀kan ń dìbò fún gbogbo ìlà tí ó lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ìlà tí ó bá ní ìbò púpọ̀ jù ni a gbà pé ó wà lórí ìwé. Bí ìlà bá já níbì kan, tàbí tí ìkọ̀wé bò ó, ìbò àwọn dọ́ọ̀tì yòókù ṣì tó láti fi í hàn, pẹ̀lú ìwọ̀n bí ó ṣe tẹ̀ sí.

Àpẹẹrẹ: Rẹ́jísítà Kíláàsì Ọgbọ̀n Ọmọ

Ẹ jẹ́ kí a mú ojú ìwé rẹ́jísítà kan tí ó ní ọgbọ̀n ọmọ. Gíga ìtò ìbú kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 8. Ibi orúkọ fẹ̀ tó mìlímítà 60. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ogún ìtò òòró fún òwúrọ̀ àti ọ̀sán ọ̀sẹ̀ méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 6. Bí sikánà bá ń ya dọ́ọ̀tì 300 nínú íǹṣì kan, ìtò ìbú kan ga tó dọ́ọ̀tì 94, àtẹ náà sì fẹ̀ tó dọ́ọ̀tì 2,126.

Ká ní ìwé náà wọlé sínú sikánà ní wíwọ́ tó dìgírì 2, tí apá ọ̀tún rẹ̀ wálẹ̀, tí kọ̀ǹpútà kò sì wá àwọn ìlà, ṣùgbọ́n tí ó kàn ń wọn àpótí láti igun òkè lápá òsì. Ní ìparí apá ọ̀tún, ohun gbogbo ti fi dọ́ọ̀tì 74 wálẹ̀. Bí ìwálẹ̀ náà bá ti kọjá ìdajì gíga ìtò, máàkì tí ó wà láàárín àpótí a bọ́ sínú ìtò ìsàlẹ̀. Ìṣirò fi hàn pé èyí bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtò òòró kẹwàá, ìyẹn ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní.

Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀, bí a bá ka ìwálẹ̀ yìí nìkan sí. Ọmọ kẹwàá àti ọmọ kejìlá wá sí ilé-ìwé ní gbogbo ìgbà ogún. Ọmọ kọkànlá wá ní ìgbà mẹ́wàá ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n kò wá rárá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Nínú àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà, ọmọ kọkànlá gba máàkì ọmọ kẹwàá, ó sì di ẹni tí ó wá ní ìgbà ogún. Ọmọ kejìlá gba àìwá ọmọ kọkànlá, ó sì di ẹni tí ó wá ní ìgbà mẹ́wàá péré. Ọmọ tí kò pa ilé-ìwé jẹ ni ìwé wá ń pè ní ìsáǹsá, ẹni tí ó yẹ kí olùkọ́ wá lọ sí ilé kò sì sí lójú ìwé mọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le bí a bá wá àwọn ìlà kọ́kọ́. A ó fi ìbò àwọn dọ́ọ̀tì mọ ìwọ̀n wíwọ́ náà, a ó yí àwòrán padà, a ó wá ibi tí ìlà ìbú àti ìlà òòró ti pàdé, a ó sì gé àpótí kọ̀ọ̀kan láàárín ibi ìpàdé mẹ́rin. Ibi tí èyí kò ti tó ni ìwé tí a dì pọ̀, tí ojú rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ nítòsí ẹ̀yìn ìwé. Kò sí ìwọ̀n wíwọ́ kan tí ó bá gbogbo ojú irú ìwé bẹ́ẹ̀ mu. A ní láti wá ìlà rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ.

Ìlà àti Ìkọ̀wé

Lẹ́yìn tí ìlà bá ti tọ́ka àpótí tán, òun kan náà ni ó ń di ìdènà, nítorí pé ọwọ́ olùkọ́ a máa gba orí rẹ̀ kọjá. Bí a bá nu gbogbo ìlà kúrò, orí 7 tí ó sùn lórí ìlà a bá a lọ, 7 a sì di 1. Nítorí náà, ibi tí dúdú kò bá nípọn ju ìlà lọ nìkan ni a ń nù. Ibi tí tádàwà bá yọ sókè tàbí sísàlẹ̀, a fi í sílẹ̀. Síbẹ̀, orí 7 tí ó bá sùn sórí ìlà gẹ́lẹ́ yóò ṣì sọnù.

Ní ti máàkì, a gé etí àpótí kúrò ní dọ́ọ̀tì 6 yíká, a sì ka dúdú tí ó kù. Nínú àpẹẹrẹ wa, ó ku dọ́ọ̀tì bí 4,800. Máàkì tí ó gùn tó dọ́ọ̀tì 90, tí ó sì nípọn tó 6, a kún nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìrù máàkì tí ó ti àpótí kejì wá lè kún ìdá 3. Ààlà ìdá 5 yóò ya àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n máàkì tí olùkọ́ fà tán tí ó sì fagi lé dúdú ju máàkì gidi lọ. Àpótí tí ó bá dúdú púpọ̀ jù, ojú ènìyàn ni ó yẹ kí ó yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí A Ṣe Ń Dá Àṣìṣe Mọ̀

Olùkọ́ a máa kọ àpapọ̀ sí ìparí ìtò ìbú àti sí ìsàlẹ̀ ìtò òòró. Bí máàkì bá sún wálẹ̀ ní ìtò kan, àpapọ̀ òòró kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà: máàkì ọmọ ọgbọ̀n nìkan ni ó jáde kúrò nínú àtẹ. Bí ọmọ náà kò bá wá lọ́jọ́ náà, àpapọ̀ òòró yóò bára mu pátápátá. Ẹni tí ó bá yẹ òòró nìkan wò yóò rò pé iṣẹ́ dára, gẹ́gẹ́ bí àpapọ̀ iye ará Amẹ́ríkà kò ṣe fi ohun kankan hàn ní ọdún 1950.

Àpapọ̀ ìbú ni ó ń sọ òtítọ́. Olùkọ́ kọ 10 síwájú ọmọ kọkànlá, kọ̀ǹpútà ka 20. Olùkọ́ kọ 20 síwájú ọmọ kejìlá, kọ̀ǹpútà ka 10. Bí ó bá jẹ́ ìtò kan ṣoṣo ni kò bára mu, ó ṣeé ṣe kí a ṣi dígítì kà. Bí àìbáramu bá tò tẹ̀ lé ara wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ìtò ọmọ àkọ́kọ́ sì ṣófo láti ibì kan lọ sí apá ọ̀tún, àpótí ni ó sún.

Ìkádìí

Ìtàn yìí fi hàn pé láti ìgbà káàdì oníhò títí dé ìgbà sikánà, ìbéèrè kan náà ni ó ṣáájú: níbo ni ohun tí a kọ yìí wà? FOSDIC fi àmì atọ́ka dáhùn, ìgbà sikánà sì fi ìlà inú ìwé fúnra rẹ̀ dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó ń fi hàn pé ìdáhùn náà tọ̀nà ni àpapọ̀ tí olùkọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí ìparí ìtò ìbú. Olùkọ́ tí kò bá kọ àpapọ̀ náà ti mú ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ọmọ kejìlá ní kúrò.