Yíya Àkókò Iṣẹ́ Sọ́tọ̀ kúrò lára Àkókò Ìdúró: Àpẹẹrẹ Gààrí láti Ìlá-Ọ̀ràngún sí Òṣogbo

Bí ọjà bá pẹ́ dé ọwọ́ oníbàárà, a sábà máa ń rò pé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni kò yá. Àwòrán ìrìn iṣẹ́, tí a mọ̀ mọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Tòyótà ní Jàpáànù, ni a fi ń wádìí bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí. A ó tẹ̀lé ọjà kan ṣoṣo láti ìgbà tí oníbàárà béèrè fún un títí tí yóò fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, a ó sì kọ aago tí ìpele kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ó parí.

Ẹ jẹ́ kí a fi gààrí ṣe àpẹẹrẹ. Oníṣòwò kan ní Òṣogbo béèrè àpò 2 lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí ń yan gààrí ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní aago 8 òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀gẹ́ kò sí nílẹ̀ títí di aago 7 òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Wọ́n fi wákàtí 5 hú u, wọ́n sì kó o wálé. Wọ́n fi 4 bó o, wọ́n sì fọ̀ ọ́. Ó sùn síbi ẹ̀rọ, ó di aago 9 òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kí ó tó kàn wọ́n, wọ́n sì fi wákàtí 1 rin ín. Ó wà nínú àpò lábẹ́ ohun ìfúnmi fún wákàtí 72. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n fi wákàtí 8 sẹ́ ẹ, wọ́n sì yan án, ó parí ní aago 6 ìrọ̀lẹ́. Ó dúró de ọkọ̀ títí di aago 6 òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó sì dé Òṣogbo ní aago 8.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí 216. Iṣẹ́ gan-an kò ju 20 lọ. Ìdúró lásán jẹ́ 124: 47 kí a tó hú ẹ̀gẹ́, 17 níbi ẹ̀rọ, 60 fún ọkọ̀.

Wákàtí 72 tí ó kù kì í ṣe ìdúró lásán. Ìgbà náà ni ẹ̀gẹ́ ń kan, tí omi rẹ̀ ń jáde, tí májèlé sayanáìdì inú rẹ̀ sì ń dínkù. Ẹni tí ó bá gé e kúrú ń dín ìtọ́jú oúnjẹ kù, kì í ṣe ìfàsẹ́yìn. Ìbéèrè tí a fi ń mọ ìyàtọ̀ ni èyí: ǹjẹ́ ohun tí oníbàárà fẹ́ ń ṣẹlẹ̀ sí ọjà náà bí ó ti wà nílẹ̀? Òdìkejì rẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ tí a ti hú tí a kò tíì bó: láàárín ọjọ́ 2 sí 3, ó ń bàjẹ́.

Bí àwọn obìnrin náà bá fi agbada kejì kún un, tí yíyan gba wákàtí 4 dípò 8, ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ náà ni gààrí yóò ṣì dé, nítorí ọkọ̀ kò tíì lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bá awakọ̀ ṣàdéhùn lọ́jọ́ tí oníbàárà béèrè ọjà, kí ó gbéra ní aago 6 òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wákàtí 48 ni wọ́n jèrè láìfi owó ra ohun èlò kankan.

Kí a má ṣe fi ẹnu lásán béèrè wákàtí wọ̀nyí. Òṣìṣẹ́ a máa rántí ìgbà tí ó ṣiṣẹ́. Ìgbà tí ọjà wà nílẹ̀ kì í sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Aago àti ìwé ni kí ó tẹ̀lé àpò náà.