Owó Ìkẹyìn àti Owó Ọdún Gíga: Orúkọ fún Òṣùwọ̀n Méjì nínú Owó Ìfẹ̀yìntì

Nínú ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbọ́ ní Òkè-Mósàn, l'Ábẹ́òkúta, bí ọjọ́ àtifẹ̀yìntì rẹ̀ bá ti ń súnmọ́, méjì ti rí orúkọ tó fìdí múlẹ̀ ní èdè Yorùbá. Owó ìfẹ̀yìntì ni èyí tí yóò máa wọlé fún un lóṣooṣù títí ọjọ́ ayé rẹ̀, owó àjẹmọ́nú sì ni owó ńlá tí a ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí kò tíì ní orúkọ tó dúró ni iye tí a ń gbé kalẹ̀ kí a tó ṣírò méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé iye yìí gan-an ni ó ń mú kí òṣìṣẹ́ méjì tí wọ́n ṣe iye ọdún kan náà gba owó tó yàtọ̀ síra.

Owó òṣùwọ̀n ni orúkọ tí a dábàá fún iye náà níhìn-ín, nítorí pé òun ni a fi ń wọn ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Owó ìpìlẹ̀ kò bá a mu, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ ti ń lo orúkọ yẹn fún owó-oṣù tí a kò tíì fi owó ilé, owó ọkọ̀ àti irú wọn kún. Apá kejì nínú ìṣirò náà ni ìdá ọdún iṣẹ́, èyí tí í ṣe ìpín nínú ọgọ́rùn-ún tí iye ọdún tí ènìyàn lò lẹ́nu iṣẹ́ fún un lẹ́tọ̀ọ́ sí. Bí a bá fi ìdá ọdún iṣẹ́ sọ owó òṣùwọ̀n di púpọ̀, owó ìfẹ̀yìntì ọdún kan ni yóò jáde, tí a ó sì pín in sí ọ̀nà 12 kí a tó mọ ti oṣù kan.

Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ti Nàìjíríà ti ọdún 1979, gẹ́gẹ́ bí a ṣe tún un ṣe ní 1992, fún ẹni tí ó ṣiṣẹ́ fún ọdún 10 ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ó fi ìdá 2 kún un fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀lé e, títí ó fi dé ìdá 80 fún ẹni tí ó pé ọdún 35. Owó òṣùwọ̀n tí òfin náà ń lò ni owó ìkẹyìn. Ó yẹ kí a túmọ̀ orúkọ yìí dáadáa, nítorí pé kì í ṣe owó tí òṣìṣẹ́ rí gbà ní oṣù tó kẹ́yìn, èyí tí gbèsè àtẹ̀yìnwá lè wọ̀ tàbí kí a ti yọ nǹkan nínú rẹ̀. Ìwọ̀n owó ọdọọdún tí ó wà lórí ipò rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó fẹ̀yìntì ni.

Ní Gánà, ètò ìfẹ̀yìntì ti gbogbo òṣìṣẹ́, tí Òfin 766 ti ọdún 2008 gbé kalẹ̀, kò wo ọjọ́ ìkẹyìn rárá. Ọdún mẹ́ta tí owó òṣìṣẹ́ pọ̀ jù lọ ni a ń ṣà jọ, a ó ro wọ́n pọ̀, a ó sì pín in sí mẹ́ta. Ìpíndọ́gba owó ọdún gíga ni orúkọ tó bá irú owó òṣùwọ̀n yìí mu. Bí a bá pè é ní owó ọdún tó dára jù, òǹkàwé lè rò pé ọdún tí òṣìṣẹ́ ṣe dáadáa jù lẹ́nu iṣẹ́ ni a ń wò, nígbà tí ó jẹ́ pé ìwọ̀n owó nìkan ni ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Àpẹẹrẹ méjì yóò fi ìyàtọ̀ náà hàn, bí a bá fi ìdá 80 ti ọdún 35 sílẹ̀ fún méjèèjì kí ó lè jẹ́ owó òṣùwọ̀n nìkan ni ó ń yí padà. Kí a sọ pé olùkọ́ kan gba ₦1,050,000 lọ́dún fún ọdún méjì, tí a sì gbé e ga ní ọdún tó kẹ́yìn débi pé owó rẹ̀ di ₦1,500,000. Pẹ̀lú owó ìkẹyìn, ìdá 80 nínú ₦1,500,000 jẹ́ ₦1,200,000 lọ́dún, ìyẹn ₦100,000 lóṣù. Pẹ̀lú ìpíndọ́gba, àròpọ̀ ọdún mẹ́ta náà jẹ́ ₦3,600,000, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ ₦1,200,000, owó oṣù rẹ̀ yóò sì jẹ́ ₦80,000. Ìgbéga ọdún kan ṣoṣo ni ó fa ₦20,000 tó wà láàárín wọn, èyí tí ìjọba yóò máa san títí olùkọ́ náà yóò fi kú, ìdí sì nìyí tí àwọn tí ń ṣọ́ àpò owó ìfẹ̀yìntì fi ń bẹ̀rù ìgbéga tó bá dé nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ènìyàn lọ.

Ẹnì kejì gba ₦1,200,000 lọ́dún fún ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n àìlera mú kí ó gba ipò tó fúyẹ́ ní ọdún tó kẹ́yìn, tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀ sí ₦960,000. Owó ìkẹyìn yóò fún un ní ₦64,000 lóṣù, ìpíndọ́gba owó ọdún gíga yóò sì fún un ní ₦80,000, nítorí pé ọdún tí owó wálẹ̀ kò wọ inú àwọn mẹ́ta tí a ṣà. Níhìn-ín ni agbára ìlànà kejì wà: kò jẹ́ kí ọdún kan, ìbáà jẹ́ ti oríire tàbí ti ìjàǹbá, nìkan dá ẹ̀tọ́ ẹni tí ó fi ọdún 35 sìn.

Síbẹ̀, ìpíndọ́gba ní àléébù ní ibi tí owó-oṣù bá ti ń fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Owó-oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà wà ní ₦30,000 láti 2019 títí di 2024, ọdún tí Ìpínlẹ̀ Ògùn fọwọ́ sí ₦77,000. Bí ẹni tí ó gba ₦30,000 fún ọdún méjì bá gba ₦77,000 fún ọdún kan péré kí ó tó lọ, ìpíndọ́gba rẹ̀ kò ní ju nǹkan bí ₦45,667 lóṣù lọ, èyí tí kò bá iye owó ọjà ọdún tí yóò máa ná an mu. Ohun tí ó ń wo àléébù yìí sàn ni àtúndíyelé owó àtijọ́, ìyẹn ni pé kí a kọ́kọ́ gbé owó ọdún àtẹ̀yìnwá dé ìwọ̀n ti ìsinsìnyí kí a tó ṣà èyí tó ga jù nínú wọn. Bí ètò ìfẹ̀yìntì ti gbogbo òṣìṣẹ́, tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń bójú tó, ti ń ṣe é nìyẹn, níbi tí a ti ń ka ọdún 35 tí owó wọn ga jù lẹ́yìn àtúndíyelé.

Ní Nàìjíríà, Òfin Àtúnṣe Owó Ìfẹ̀yìntì ti 2004 mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kúrò lórí owó ìkẹyìn, ó sì kó wọn sínú ètò àjọdá, níbi tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ti ń dá owó sínú àpò tí ó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀; nínú ètò yìí kò sí owó òṣùwọ̀n kankan, ohun tí a bá bá nínú àpò ni a ó pín. Ṣùgbọ́n owó ìkẹyìn kò tíì kúrò nílẹ̀, nítorí pé abala 291 nínú Ìwé Òfin 1999 ṣì fún adájọ́ tí ó lo ọdún 15, tí ó sì dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, ní owó ìfẹ̀yìntì tí ó bá owó ọdún ìkẹyìn rẹ̀ dọ́gba.

Nítorí náà, orúkọ tí a bá fi sórí ìwé ìṣirò gbọ́dọ̀ sọ ohun mẹ́ta fún òṣìṣẹ́ láìfi ọ̀kan pamọ́: ọdún mélòó ni a kà, ṣé ọdún tó kẹ́yìn ni tàbí èyí tó ga jù, ṣé a sì tún owó àtijọ́ díyelé kí a tó kà á. Ìwé tí ó bá kọ owó òṣùwọ̀n nìkan, tí kò dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, kò tíì sọ iye tí òṣìṣẹ́ náà yóò gbà.